Aró Tó Kù Nínú Òòrùn

Kí Mùjíbátù tó di ẹni tó ń po ọ̀dà fún ilé ìwádìí ọ̀gbìn kan ní Akínyẹlé, aṣọ ló ń rẹ láró ní Lálùpọn, èékánná rẹ̀ ò sì mọ́ rí. Lọ́dún 1993, wọ́n gbé iṣẹ́ àwọ̀ fíìmù oníṣẹ́jú mẹ́fà kan tó jẹ́ àwòrán yíyà tó ń rìn lé e lọ́wọ́, èyí tí wọ́n fẹ́ fi han àwọn àgbẹ̀. Nínú fíìmù náà, tọkọtaya kan ń gbin ẹ̀gẹ́. Baálé ṣàìsàn, ó kú, oko di igbó. Opó rẹ̀ tún bọ́ sóko.

Kí wọ́n tó kun àwòrán kankan, Mùjíbátù ní láti kun àpótí kéékèèké méjìdínlógún sórí páálí gígùn kan, ọ̀kan fún ìran kọ̀ọ̀kan. Kò sí ojú, kò sí imú, àwọ̀ lásán ni. Ẹni tó bá wò ó láti òsì dé ọ̀tún gbọ́dọ̀ mọ ibi tí inú ti dùn àti ibi tó ti bàjẹ́.

Ó fi àwọ̀ ìyeyè àti ewé tuntun bẹ̀rẹ̀. Bí àìsàn ṣe wọlé, ó ń ta eérú sí i díẹ̀díẹ̀, títí ìran ikú fi di aró tó ṣá. Gèlè obìnrin náà nìkan ló fi pupa sí, kí ojú má baà sọ ọ́ nù. Nígbẹ̀yìn, ìyeyè padà, ṣùgbọ́n aró ṣì wà lábẹ́ igi àti ní òjìji opó náà.

Akínwándé, ọ̀gá wọn, tí Mùjíbátù lè bí lọ́mọ, ní àwọn àgbẹ̀ ń fẹ́ ayọ̀. Kí wọ́n dá àwọ̀ ìbẹ̀rẹ̀ padà sí ìparí.

“Ọ̀gá, ẹ̀yin lẹ niṣẹ́. Ṣùgbọ́n mi ò ní yọ aró yẹn.”

“Màmá, ìbànújẹ́ ti parí níbẹ̀.”

“Ta ló sọ fún yín pé ó ń parí? Ọdún kẹrin rèé tí mo sin ọkọ mi. Mò ń jẹun, mò ń rẹ́rìn-ín. Ẹ wò mí dáadáa.”

Ọ̀gá ní ẹni tí kò bá lè gbọ́ràn, kó padà sídìí aró rẹ̀. Mùjíbátù ní ìkòkò aró òun ò tíì fọ́. Ni wọ́n bá gbé àpótí mẹ́ta tó kẹ́yìn fún Sanmí, akẹgbẹ́ rẹ̀, ó kùn wọ́n sórí bébà bí ọ̀gá ṣe wí, ó lẹ̀ wọ́n bo ti Mùjíbátù.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n gbé páálí náà sẹ́nu ọ̀nà, níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti dára. Luqman tó ń ya fíìmù, tí kò gbọ́ nípa àríyànjiyàn wọn, fẹ̀yìn rìn díẹ̀, ó fún ojú pọ̀.

“Àbí ọkọ obìnrin yìí ti tàjò dé ni?”

Ọ̀gá wo àpótí àkọ́kọ́, ó wo èyí tó kẹ́yìn: ọ̀kan náà ni wọ́n, bíi pé ẹnikẹ́ni ò kú láàárín. Ó ní kí Màmá ṣí tiwọn síta, ṣùgbọ́n kí wọ́n dín aró náà kù sí ìdajì.

Mùjíbátù ṣí ti Sanmí kúrò, tirẹ̀ sì yọ. Ó gbé páálí náà padà sára ògiri. Kò fi omi kan aró náà láti dín in kù.