Àsansílẹ̀ Tó Lé Oníbàárà Mi Sá

Iṣẹ́ télọ̀ kò mọ̀ ju àsansílẹ̀ lọ. Kí a tó fi àlùmọ́gàjí kan aṣọ ẹnikẹ́ni, owó díẹ̀ á ti wọlé. Nígbà tí mo gbé máṣíìnì ìránṣọ mi kejì sójú ọjà orí fóònù, kí n lè san owó ilé-ìwé ọmọ mi ní Pólì kí ọjọ́ ìsanwó tó kọjá, ohun tí mo mọ̀ náà ni mo ṣe. Ẹni tó bá pè, mo ní kó fi àsansílẹ̀ ránṣẹ́.

Wọn kì í pè padà. Obìnrin kan tiẹ̀ pariwo mọ́ mi: "Gbájúẹ̀! Kò sẹ́ni tó ra ọjà lọ́wọ́ yín rí níbí, ẹ ń béèrè owó!" Ó fẹjọ́ mi sùn. Àwọn tó ni ojú ọjà náà kọ̀wé pé bí ẹlòmíì bá tún fẹjọ́ sùn, àwọn á yọ ọjà mi kúrò. Níbo ni mo tún fẹ́ tà á sí?

"Màámi," ọmọ mi ní, "bí àwọn olè ṣe ń ṣe gan-an nìyẹn."

Ó yọ àwòrán rèǹtèrente tí mo mú níbòmíì fi síbẹ̀. Ó ya máṣíìnì náà nínú ṣọ́ọ̀bù, ó ya ẹsẹ̀ tó dípẹtà, ó ya fídíò èmi tí mò ń tẹ̀ ẹ́, tí mò ń dárúkọ ọjọ́ tí a wà. Ó wá kọ ọ́ pé: ẹ wá dán an wò kí ẹ tó sanwó.

Ọkùnrin kan láti Ìjàgbò ní òun ń bọ̀. Kí ó tó dé, mo rí ẹnì kan lódìkejì títì, tó fa fìlà bojú, tó ń wò mí. Ẹ̀rù bà mí. Gbọ́mọgbọ́mọ ni mo pè é. Ó lọ bá Alhaji tó ń ṣe táyà, wọ́n ń nàka sí mi.

Alhaji pariwo: "Ìyá télọ̀, oníbàárà yín rèé! Ó ní ẹ̀rù yín ń ba òun!"

Ọkùnrin náà mú àkísà tirẹ̀ wá, ó rán an síwá sẹ́yìn. Ó ní òun ti fi owó ránṣẹ́. Alẹ́ẹ̀tì báǹkì dé, ṣùgbọ́n ayédèrú pọ̀, mo ní n ó wo inú àpò owó mi ní báǹkì fúnra mi. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kọ̀. Ó di orí máṣíìnì mú, mo di ẹsẹ̀ mú. Kò sẹ́ni tó fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀, òógùn ń bọ́ lójú àwa méjèèjì.

Owó wọlé. Mo jọ̀wọ́ ẹsẹ̀ máṣíìnì náà.

Kí ó tó gun ọ̀kadà, ó tẹ nǹkan sí abẹ́ orúkọ mi lójú ọjà orí fóònù náà. Ọmọ mi kà á fún mi, lẹ́yìn tó sanwó Pólì rẹ̀ tán: "Ìyá yìí kò fi máṣíìnì sílẹ̀ títí owó fi wọlé. Èmi náà kò fi í sílẹ̀. Ẹ ra ọjà lọ́wọ́ rẹ̀." Mo rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú mi.