Ìsinmi Ìyá Oníkáàdì

Bí ẹ bá dé ilé-ìwòsàn aládàáni kan báyìí ní Ilare, tí ẹ sì ń béèrè Tinúadé Ògúnwálé, wọ́n lè máa wò yín lójú ṣàà. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní Ìyá Oníkáàdì lẹ ń wá, gbogbo ènìyàn ni yóò nawọ́ sí fèrèsé kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ọ̀nà. Ibẹ̀ ni obìnrin náà ti ń jókòó láti ìgbà tí ilé-ìwòsàn náà kò ti ju yàrá mẹ́ta lọ. Kò sí aláìsàn tí dókítà lè yẹ̀ wò àfi bí Ìyá Oníkáàdì bá kọ́kọ́ yọ káàdì rẹ̀ síta. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì fi pa mọ́ fún ẹnikẹ́ni.

Nọ́ńbà wà lára káàdì lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ta ni orí ń fọ́ tó tún ń rántí nọ́ńbà? Orúkọ kan náà sì lè wà lára ènìyàn mẹ́wàá nínú ìlú. Nítorí náà, agboolé-agboolé ni Tinúadé to káàdì sí: ará agboolé kan, dúrọ́ọ̀ kan. Ọgbọ́n gidi ni, ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́. Ibi tí ọ̀rọ̀ kù sí ni pé kò kọ orúkọ agboolé kankan sára dúrọ́ọ̀, inú orí tirẹ̀ ló kọ gbogbo rẹ̀ sí. Bí Ìyá bá lọ jẹun, káàdì náà ti lọ jẹun nìyẹn.

Ẹni tó bá wà nípò bẹ́ẹ̀, níbo ló ti fẹ́ ráyè ìsinmi? Ọdún ń gorí ọdún, kò gbà á. Nígbà tí Ìtùnúolúwa, ọmọ rẹ̀ obìnrin kan ṣoṣo, bí àkọ́bí rẹ̀ sí Òṣogbo, ọjọ́ ìkómọ nìkan ni Tinúadé dé ibẹ̀, ó sì padà sílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Bó ṣe ṣe fún èkejì náà nìyẹn. Ìyá ọkọ Ìtùnú, Màmá Tóbi, ló wẹ àwọn ọmọ méjèèjì, òun ló na apá wọn, òun ló na ẹsẹ̀ wọn. Títí dòní, bí àwọn ọmọ náà bá rí Tinúadé, ẹ̀yìn ìyá bàbá wọn ni wọ́n ń sá sí. Ó ń dun obìnrin náà wọra, àmọ́ kì í sọ ọ́.

Ìgbà tí Ìtùnú wá lóyún ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ó pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù. Ó ní, "Màmi, èyí ni mo fi kádìí ẹ̀ o. Bí ẹ ò bá wá fọwọ́ ara yín wẹ ọmọ yìí, kò tún sí òmíràn mọ́."

Tinúadé ní, "Mo ń bọ̀. Ọwọ́ mi yìí ni n ó fi wẹ̀ ẹ́, bí Ọlọ́run bá fẹ́."

Ló bá kọ lẹ́tà sí Ọ̀gbẹ́ni Lágúnjú, ọ̀gá tó ń ṣàkóso àwọn òṣìṣẹ́. Ọmọ tó lè bí lọ́mọ ni, ṣùgbọ́n ọ̀gá ni ọ̀gá ń jẹ́. Ó kọ ọ́ pé òun fẹ́ gba ìsinmi nígbà tí ọmọ òun bá bí, òun yóò sì wọlé padà nígbà tí ara rẹ̀ bá yá. Lágúnjú kà á, ó họrí.

"Màmá, ẹ dákun, ìgbà wo nìyẹn?"

"Ọ̀gá, ṣé èmi ni Ọlọ́run ni?"

Lágúnjú bú sẹ́rìn-ín. "Mi ò bi yín léèrè ọjọ́ ìbímọ mà. Ọjọ́ tí ẹ máa bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tí ẹ máa padà sẹ́nu iṣẹ́ ni mo fẹ́. Ẹ fi ọjọ́ tí wọ́n dá fún un níbi tó ti ń gba ìtọ́jú ṣe é. Bí ọmọ bá ṣáájú ọjọ́ yẹn, ẹ pè mí, a ó jọ yí i padà."

Wọ́n fi í sí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, láti ọjọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù kọkànlá. Lágúnjú tún béèrè ẹni tó máa dúró fún un. Wọ́n mú Fisáyọ̀mi, abiyamọ kan tó ń dáhùn fóònù ilé-ìwòsàn. Ọ̀gá ní kí Ìyá kọ bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ sílẹ̀, kó sì jókòó ti Fisáyọ̀mi díẹ̀ kó tó lọ.

Tinúadé kọ ọ́ lóòótọ́. Ó kọ ìgbà tí wọ́n ń ṣí fèrèsé. Ó kọ ọ́ pé káàdì kò gbọdọ̀ bá aláìsàn lọ sílé, pé èyí tó bá jáde láàárọ̀ gbọ́dọ̀ padà sáyè rẹ̀ kí wọ́n tó tilẹ̀kùn. Ó kọ ibi tí kọ́kọ́rọ́ wà. Agboolé ńkọ́? Kẹ́kẹ́ pa! Ó jókòó ti Fisáyọ̀mi, òun fúnra rẹ̀ ló ń sáré fa dúrọ́ọ̀ kí ìyẹn tó bi í léèrè ọ̀rọ̀. Lágúnjú ní, "Màmá, ṣé gbogbo ẹ̀ nìyí?" Ó ní gbogbo ẹ̀ náà ni. Lọ́kàn rẹ̀, ó ní, ẹ ó pè mí. Kì í ṣe ènìyàn burúkú o. Ó kàn fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé òun ò sí nílé ni, ta ni kò wù bẹ́ẹ̀ nínú wa?

Ó ku bí wọn ó ṣe máa rí i bá sọ̀rọ̀. Ohun tó kọ sínú lẹ́tà ni pé wọ́n lè pe òun tọ̀sán-tòru, bó jẹ́ balùwẹ̀ lòun wà. Lágúnjú fa ìlà pa á.

"Màmá, ìsinmi lẹ gbà. Ẹ mú wákàtí kan lójúmọ́, nǹkan pàjáwìrì nìkan la ó sì fi dà yín láàmú."

Inú bí Tinúadé. Òun tí wọn ò lè ṣe láìsí, wákàtí kan? Ó ronú wákàtí tí èrò máa ń pọ̀ jù lójú fèrèsé, tí òógùn yóò bo Fisáyọ̀mi dáadáa. Ó ní, "Ẹ kọ aago mẹ́wàá sí mọ́kànlá àárọ̀." Lágúnjú kọ ọ́, ó fọwọ́ sí i, ó sì ní kó bá òun kí ìyá ìkókó.

Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni Ìtùnú bí. Obìnrin ni, ó dúdú mininjọ, irun kún orí rẹ̀. Tinúadé jó yí gbogbo ilé ká. Nígbà tí wọ́n gbé ọmọ dé láti ọsibítù, tó di àárọ̀ ọjọ́ kejì, tí òtútù ti kúrò nílẹ̀, tí oòrùn ti wọ ẹ̀yìnkùlé, Màmá Tóbi gbé omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kalẹ̀. Ó kó kànìnkànìn, ọṣẹ dúdú àti òrí sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ìyá ìyàwó wa, ó yá o. Ọmọ yín rèé."

Tinúadé ká ìró rẹ̀ sókè. Ló bá wo fóònù. Aago mẹ́wàá ku díẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀. Ibi iṣẹ́ fẹ́ pè mí."

Màmá Tóbi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀, ó sì parí ẹ̀. Fóònù kò dún. Lọ́jọ́ kejì, bákan náà. Ìwẹ̀ àṣálẹ́ kò ju kí Ìtùnú fi omi nu ọmọ lára lọ. Ti àárọ̀ yìí ni ìwẹ̀ tí wọ́n fi ń na ọmọ, tí wọ́n ń gbé e jù sókè, tí ọmọ fi ń mọ ọwọ́ ẹni. Ìtùnú ní kí wọ́n kúkú sún un di ẹ̀yìn aago mọ́kànlá. Màmá Tóbi ní ọmọ tuntun kì í dúró de fóònù. Bó bá ti jẹun, oorun ló kù.

Báyìí ni Tinúadé ṣe ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé lárààárọ̀, fóònù lórí itan bí ẹni gbé ẹyin. Ó ń wò ó bóyá nẹ́tíwọ̀kì ti lọ. Ó ní kí Olúwatóbi, ọkọ ọmọ rẹ̀, pe òun wò. Ó dún ketekete.

Ìtùnú ní, "Màmi, ṣé ọ̀dọ̀ mi lẹ wá ni, àbí ọ̀dọ̀ fóònù?"

"Iṣẹ́ ni, ọmọ mi. Bí mi ò bá sí níbẹ̀, wọn ò mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí tòsì."

Màmá Tóbi ń fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ tẹ orí ọmọ jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. Ó ní, "Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́." Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Tinúadé gbọ́ ọ, ó sì tún wo fóònù.

Ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn dé. Ó gbọ́dọ̀ wà nílé kí ilẹ̀ tó ṣú, nítorí iṣẹ́ ọjọ́ Ajé. Ó ti di ẹrù. Aago mẹ́wàá lù, ó kọjá. Mọ́kànlá lù, ó kọjá. Wọ́n ti wẹ ọmọ, wọ́n ti fi òrí pa á lára, ó ti sùn lọ fọnfọn. Ìgbà náà ni fóònù dún. Fisáyọ̀mi ni. Tinúadé dìde fùú, ó wọ inú yàrá lọ.

"Ẹ ò rí káàdì, àbí? Mo mọ̀! Mo mọ̀!"

"Ẹ káàsán mà. Rárá o, mo ní kí n kí yín kú ewu ọmọ ni. Nígbà tó jẹ́ pé òní lẹ ń padà bọ̀, mo ní kò ní dí yín lọ́wọ́."

"Káàdì ńkọ́?"

"Ó ń lọ dáadáa mà. Ọjọ́ àkọ́kọ́ nìkan ló rú mi lójú. Bàbá Èṣùbíyì tí mi ò rí káàdì wọn ló ní, 'Ṣé o ò ní bi mí léèrè agboolé wa ni? Ohun tí Ìyá Oníkáàdì máa ń bi wá nìyẹn.' Bí mo ṣe ń bi wọ́n, tí mo sì ń rí káàdì wọn, ni mo ń kọ orúkọ agboolé sára dúrọ́ọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹnikẹ́ni ló lè fà á báyìí."

Tinúadé ní, "Ẹ ò sì pè mí, ó kéré tán kí ẹ bi mí."

"Háà, láago mẹ́wàá kẹ̀? Ọ̀gá Lágúnjú ní ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pè yín. Wọ́n ní bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ mú wákàtí yẹn, àkókò tí ìyá àgbà ń wẹ ọmọ ni. Èmi náà sì bímọ, mo ní òótọ́ ni. Ẹ ti wẹ̀ ẹ́ tán lónìí, àbí?"

Ojú ti Tinúadé, àní nínú yàrá tí kò sí ẹnì kan.

"Mo ti wẹ̀ ẹ́ tán," ó ní.

Nígbà tó jáde, ojú rẹ̀ ti pọ́n. Ó lọ bá Màmá Tóbi lórí ẹní, ó kúnlẹ̀, òun tí kì í kúnlẹ̀ fún ẹgbẹ́ rẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e fún mi. Ẹ jẹ́ kí n tún un wẹ̀."

Màmá Tóbi wò ó tìyanu-tìyanu. "Ọmọ tó ti sùn? Tí òrí ṣì wà lára ẹ̀? Kí ló dé, ìyá ìyàwó wa?"

Tinúadé sún mọ́ ọmọ. Ó na ìka kan, ó fi kan ẹsẹ̀ ọmọ náà. Ọmọ fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn lójú oorun. Olúwatóbi ti gbé ẹrù sínú mọ́tò, ó ń fun fèrè níta. Ìtùnú fi ọwọ́ kan ìyá rẹ̀ léjìká.

"Màmi, ẹ dìde, ẹ máa lọ, kí iṣẹ́ má baà dúró dè yín."