Gílóòbù Láàárín Ìkùukùu

Fọ́tò kan ṣoṣo ni àbúrò mi obìnrin fi ránṣẹ́ sí wa ní Kétu kí a tó gbúròó rẹ̀ tì. Ó jókòó sínú ọkọ̀ ojú omi, àwọn ilé Fẹ́nísì, ìlú orí omi ní Ítálì, wà lẹ́yìn rẹ̀. A wá a ní Ítálì títí, a ò rí i.

Níbi iṣẹ́ ìwé ìròyìn mi, mo wá fẹ fọ́tò náà lójú. Gílóòbù wà láàárín ìkùukùu! Àjà ilé tí wọ́n kùn bí ojú ọ̀run ni. Èdè Lárúbáwá ni wọ́n kọ sára ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yìn rẹ̀. Mo wá orúkọ ṣọ́ọ̀bù náà lórí ẹ̀rọ ayélujára: inú ilé ìtajà ńlá kan nílẹ̀ Lárúbáwá ni, tí wọ́n kọ́ kó jọ Fẹ́nísì.

Ọmọ Yorùbá kan tó ń gbé níbẹ̀ bá wa lọ béèrè. Àwọn tí wọ́n jọ ń gbálẹ̀ pẹ̀lú àbúrò mi níbẹ̀ mọ̀ ọ́n. Àìsàn ti pa á, wọ́n sì ti sin ín. Wọ́n sọ ọjọ́ tó kú fún wa.

Màámi bi mí pé, "Ṣé ó ṣì wà láàyè nígbà tí à ń wá a ní Ítálì?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Mummy."