Ẹ̀gbọ́n Fóònù àti Orogún Rẹ̀ Tí Kì Í Jẹun

Ọdún mẹ́rìndínlógún ni Ẹ̀gbọ́n Fóònù fi ń dáhùn ìpè ní ilé iṣẹ́ tó ń tún fìríìjì ṣe, kò sì sẹ́ni tó rí i kó jowú ènìyàn rí. Ẹ̀rọ ni Ẹ̀gbọ́n wá ń jowú.

Ẹ̀rọ adáhùn náà ń fèsì ọ̀rọ̀ táwọn oníbàárà bá kọ ránṣẹ́. Kì í jẹun, kì í pẹ́ dé iṣẹ́, gbogbo ìpàdé ni wọ́n sì ti ń yìn ín. Àbúrò Kọ̀ǹpútà, ọmọbìnrin tó ń tọ́jú rẹ̀, tún ka èsì:

"Ìràwọ̀ mẹ́rin àbọ̀ nínú márùn-ún làwọn oníbàárà fún un. Nínú ọgọ́rùn-ún ìbéèrè, ó yanjú àádọ́rùn-ún. Ẹ̀rọ kejì tó ń máàkì iṣẹ́ rẹ̀ fún un ní mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá."

Ọ̀gá ilé iṣẹ́ náà mi orí. "Bó bá rí báyìí, tábìlì fóònù tí Ẹ̀gbọ́n ń jókòó sí ò ní kọjá oṣù yìí."

"Ẹ̀rọ ló ń máàkì ẹ̀rọ?" ni Ẹ̀gbọ́n bi wọ́n. "Ẹ ti fi ewúrẹ́ ṣe adájọ́ ewúrẹ́ lórí ọ̀rọ̀ iṣu. Ẹ gbé ìdáhùn tèmi náà fún un."

Wọ́n gbé e fún un. Márùn-ún nínú mẹ́wàá ló rí gbà. Ohun tí Ẹ̀gbọ́n kọ ni: "Yọ wáyà rẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá, fi padà." Lórí ìbéèrè kan náà, orogún rẹ̀ kọ odindi ojú ìwé, ó sì bá fìríìjì kẹ́dùn. Ẹ̀gbọ́n ò lè jẹ oúnjẹ ọ̀sán.

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé ìwé tó ń kọ nọ́ńbà àwọn olùpè sí wá.

"Àbúrò, báwo lẹ ṣe mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti yanjú?"

"Tí oníbàárà ò bá kọ̀wé padà láàárín ọjọ́ kan ni."

Wọ́n jọ wo nọ́ńbà àwọn oníbàárà àádọ́rùn-ún náà. Mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n wà nínú ìwé Ẹ̀gbọ́n.

"Wọn ò kọ̀wé padà, èmi ni wọ́n pè! Ọmọ tẹ́ ẹ ní ó ti sùn, ilé mi ló ti ń ké."

Ojú ti Àbúrò. "A ò so fóònù mọ́ ìṣirò. Ènìyàn méje péré ló sì tẹ ìràwọ̀. Àwọn tínú ń bí ò dúró tẹ̀ ẹ́."

Ọ̀gá yọ mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n kúrò nínú àádọ́rùn-ún, ó ní tábìlì fóònù ò lọ síbì kankan. Ẹ̀gbọ́n jẹun ọ̀sán lẹ́ẹ̀mejì.

"Ó jọ pé ẹ̀rọ tó ń máàkì fẹ́ràn ọ̀rọ̀ gígùn," ni Àbúrò wí. "Ẹ bá wa máàkì ogójì ìdáhùn, tiyín àti ti ẹ̀rọ adáhùn, láìmọ ẹni tó kọ wọ́n, ká fi máàkì yín wọn tiẹ̀."

Ẹ̀gbọ́n ń máàkì bí olùkọ́ tí wọ́n jí ṣọ́ọ̀kì ẹ̀ gbé. Nígbà tó dé ọ̀kan báyìí, ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ó kọ mẹ́wàá sí i, ó sì nà án sí Àbúrò. "Ọ̀rọ̀ kò pọ̀, kò sì fi nǹkan kan sílẹ̀. Èmi ni mo kọ èyí, àbí?"

"Ẹ̀rọ ni o, Ẹ̀gbọ́n."

Ẹ̀gbọ́n na ọwọ́.

"Mú un padà wá. Mo fẹ́ wo kọ́mà kan níbẹ̀, mẹ́wàá yẹn ti pọ̀ jù."