Alámọ̀ Ìgèdè àti Àròkọ Mi

Nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Adó, ní ìparí àwọn ọdún 1970, olùkọ́ wa ní kí a kọ àròkọ tí yóò fi ewì alohùn wé ewì àkọsílẹ̀. Mo yá rẹ́kọ́dà ẹ̀gbọ́n mi, mo wọkọ̀ lọ sí Ìgèdè, sọ́dọ̀ ìyá àgbà kan tí wọ́n ní kò sí ẹni tó mọ alámọ̀ dá tó o. Alámọ̀ ni ewì àwọn obìnrin Èkìtì: ẹnì kan á máa lé e, àwọn yòókù á máa gbè é.

Ìyá ń hun aṣọ nínú yàrá nígbà tí mo dé. Ó wo rẹ́kọ́dà náà, ó ní, “Ta ló rán ẹ? Ṣé kì í ṣe ilé rédíò lo fẹ́ gbé ohùn mi lọ?” Mo búra fún un pé ilé-ìwé ni. Ó dá a díẹ̀, ó dákẹ́. Ìlà mẹ́rìndínlógún péré ni mo rí kọ.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, mo padà lọ ka ohun tí mo kọ fún un, kó lè bá mi wò ó bóyá mo ṣì í gbọ́. Ó mi orí. “Èyí kì í ṣe tèmi.” Ó tún un dá. Ìlà àkọ́kọ́ bára mu. Èyí tó kù yàtọ̀ pátápátá. Inú bí mi. Mo gbà pé ó ń fi ojúlówó pamọ́, pé ayédèrú ló ń kì sí mi létí.

Mo kó méjèèjì fún olùkọ́ wa. Òun náà a máa kọ ewì, á kọ ọ́, á pa á rẹ́, á tún un kọ. Ó fi bírò tọ́ka sí ìwé mi. “Àsọtúnsọ ìlà kan náà lẹ́ẹ̀mẹ́ta? Ewì kan náà, ojú méjì? Ṣé ìwọ kọ́ lo jókòó sílé kọ ọ́?”

“Èmi kọ́, sà.”

“A ó jọ lọ.”

Ọjọ́ Sátidé tí a lọ, wọ́n ń sin ọmọbìnrin kan lọ sílé ọkọ ládùúgbò ìyá. Ìyá dúró láàárín àwọn obìnrin. Mo di ìwé mi méjèèjì mú, mo ń fi ìka tẹ̀ lé e. Ó bẹ̀rẹ̀:

*Ọmọ olókè tí í rí òjò kó tó rọ̀,
Ẹ bá mi kí ọmọ olókè.*

Àwọn tó ń gbè é pẹ́ kí wọ́n tó gbà á, ló bá tún ìlà kejì dá. Ohùn wọn ò tíì ṣọ̀kan. Ó tún un dá lẹ́ẹ̀kẹta, ojú rẹ̀ ń wá ẹni tí yóò kì tẹ̀ lé e. Nígbà náà ni mo rí i: ibi tí olùkọ́ wa pè ní àsọtúnsọ ni ìyá ti ń mí, tó ti ń wá ọ̀rọ̀, tó ti ń dúró de àwọn tó ń gbè é. Ẹni tó ń kàwé lè ṣí ojú ewé padà. Ẹni tó ń gbọ́ kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bàbá ìyàwó bú sẹ́kún nígbà tó gbọ́ oríkì ìyá rẹ̀, ó ní kó tún un sọ. Ìyá tún un sọ, ó sì fi kún un. Ó rí olùkọ́ wa tó wọ awò ojú, ó sì kì í:

*Ẹlẹ́yinjú dígí tó ń ka ètè mi,
Ẹnu mi kì í ṣe ìwé.*

Gbogbo agbo hó yéè. Olùkọ́ wa rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú tì í.

Lẹ́yìn rẹ̀ mo bi ìyá pé kí ló dé tí alámọ̀ rẹ̀ fi kéré bẹ́ẹ̀ nínú yàrá.

“Ta ni yóò gbè é fún mi? Ìwọ tó ń kọ uwé?”

Mo tún bi í nípa ìlà kan tó kì nínú yàrá, tí kò kì lágbo, nípa obìnrin kan tó sá kúrò nílé ọkọ. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ kó tó fèsì.

“Ọmọ tí obìnrin náà bí wà lágbo. Mo rí i, mo sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ìwọ, ta ni yóò ka uwé rẹ?”

“N kò mọ̀, ìyá.”

“O ò mọ ẹni tó o ń bá sọ̀rọ̀, o sì ń sọ ọ́? Yọ ọ́ kúrò.”

Mo ṣèlérí. Mo padà sí Òkè-Ìlá, àdúgbò tí mò ń gbé ní Adó, mo sì kọ gbogbo ohun tí mo rí sínú àròkọ náà. Nígbà tí mo dé orí ìlà yẹn, mo kọ òun náà, nítorí òun gan-an ló fi hàn bí àwọn tó ń gbọ́ ṣe ń yan ọ̀rọ̀ fún apohùn. Máàkì tó dára ni mo gbà. Ọ̀sẹ̀ kejì ni ẹ̀rí ọkàn mú mi, mo lọ bẹ olùkọ́ wa pé kó fún mi ní ìwé náà kí n fa ìlà kan rẹ́. Ó ní òun ti yá ọ̀rẹ́ òun kan kà. N kò mọ ọ̀rẹ́ náà títí dòní.

Nígbà tí mo tún rí ìyá, ó béèrè, “O yọ ọ́?”

Mo ní mo ti yọ ọ́. Ó wò mí títí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í hun aṣọ rẹ̀ lọ.