Bùrọ̀dá Nínú Àtẹ Ọjà

Ọmọbìnrin aránpò kan ló ń kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ fọ́tò gbogbo àpò tí ìyá rẹ̀ ń tà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì. Bí owó ọjà bá yí, á tún un kọ. Iṣẹ́ náà sú u. Lówùúrọ̀ ọjọ́ kan, ó kọ ìpolówó kan ṣoṣo fún gbogbo ọjà, ó fi àyè mẹ́ta sílẹ̀ nínú rẹ̀ fún orúkọ ọjà, owó rẹ̀ àti iye tó kù. Kọ̀ǹpútà ni yóò máa fi ohun tó wà nínú àtẹ ọjà, ìyẹn àkọsílẹ̀ gbogbo ọjà wọn, dí àyè wọ̀nyí. Bí ọjà bá ku òdo, gbólóhùn mìíràn ni yóò jáde.

Láti dán an wò, ó kọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, àpọ́n pọ́ńbélé, sínú àtẹ: owó rẹ̀, ọ̀fẹ́; iye tó kù, ẹyọ kan. Ọ̀rọ̀ jáde: “Bùrọ̀dá ti dé! Ọ̀fẹ́ ni. Ẹyọ kan ló kù, ẹ tètè wá!”

Ìyá wọn rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. “Gbé e síta bẹ́ẹ̀ o! Ipò ìyá ọkọ ti ń wù mí tipẹ́.”

Bùrọ̀dá gbé búrẹ́dì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. “Àbúrò mi, sọ iye tó kù di òdo.”

“Ṣé ojú ń tì yín ni?”

“Ṣáà ṣe é.”

Ó tẹ òdo. Gbólóhùn yí padà fúnra rẹ̀: “Bùrọ̀dá ti tán! Ẹ ṣeun.”

Ìyá wo ọmọkùnrin rẹ̀, tó ń wolẹ̀ tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Ta ló rà á?” Ìyá fò sókè, sísọ́ọ̀sì bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. “Mú ìyàwó mi wá kí n rí i!”

“Ẹ wò ó, ó ṣiṣẹ́ o!” ni àbúrò ń ké, ṣùgbọ́n ìyá ti ń jó yí ẹ̀rọ ìránṣọ ká.