Kọ́lọ̀mù Tó Pa Orúkọ Dà

Oúnjẹ ọ̀sán ni mo ń jẹ nígbà tí mo rí i pé ewu ti wọlé. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mi wà lórí tábìlì níwájú mi, nítorí àwa òṣìṣẹ́ náà máa ń gba oògùn tiwa níbi iṣẹ́. Mo ń ka ohun tí wọ́n tẹ̀ sára rẹ̀, bí mo ṣe máa ń ṣe, mo sì rí i pé ìlà pupa tó máa ń wà lábẹ́ orúkọ mi kò sí níbẹ̀. Ohun tí ìlà yẹn ń sọ kò ju pé kí ẹnikẹ́ni má fún mi ní pẹnisílìn.

Ó yẹ kí n sọ ìdí tí mo fi ń kà á. Nígbà tí mo ṣì wà ní Ìbàdàn, nọ́ọ̀sì kan fún mi ní abẹ́rẹ́ pẹnisílìn, kí n sì tó dìde lórí àga, ọ̀nà ọ̀fun mi ti ń dí. Díẹ̀ ló kù kí n kú. Láti ìgbà náà n kì í gbé oògùn kankan sẹ́nu láìkà á, kódà èyí tí mo ti ń lò láti ọjọ́ pípẹ́. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí rẹ̀. N kì í bá wọn jiyàn.

Ìlú Tucker ní Amẹ́ríkà ni ilé ìpoògùn wa wà, láàárín àwọn ilé ìkẹ́rùsí. Oníbàárà kì í wọlé síbẹ̀. Àwọn àgbàlagbà tó wà nílé wọn la ń di oògùn fún, àwọn awakọ̀ wa ló sì ń gbé e lọ. Iṣẹ́ tèmi ni pé kí n máa wo fáìlì tó ń wá láràárọ̀ láti ilé iṣẹ́ mìíràn, àwọn tó ń kó ohun tí dókítà kọ àti ìsọfúnni nípa aláìsàn jọ tí wọ́n sì ń fi ránṣẹ́ sí wa. Bí fáìlì bá dé lásìkò, tí iye èèyàn inú rẹ̀ kò dín, tí kọ̀ǹpútà sì gbà á wọlé láìjanpata, àmì aláwọ̀ ewé á yọ lójú ẹ̀rọ mi, iṣẹ́ mi ti tán nìyẹn. Ní àárọ̀ ọjọ́ yẹn, gbogbo rẹ̀ ló ní àwọ̀ ewé.

Ohun tí mo kọ́kọ́ rò ni pé íǹkì pupa ló tán. Mo gbé oògùn náà lọ bá ọkùnrin tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà wa, ọmọ Yorùbá bíi tèmi, tó wá sí Amẹ́ríkà pẹ̀lú físà iṣẹ́. Ọjọ́ orí rẹ̀ kéré sí tèmi dáadáa.

Ó ní, “Aunty, ẹ tún ti dé. Kí ni wọ́n fẹ́ fi pa yín lónìí?”

Mo ní kí ó kàn bá mi wo orúkọ mi. Ó wò ó, ibi tó yẹ kí alẹ́jì mi, ìyẹn ohun tí kò bá mi lára mu, wà ṣófo. Ó bi mí bóyá mo sọ fún dókítà mi pé kí ó yọ ọ́, mo ní rárá. Ó wo ẹlòmíràn. Òfìfo. Ó wo ẹlòmíràn sí i, òfìfo náà ni. Lẹ́yìn náà ó béèrè lọ́wọ́ kọ̀ǹpútà pé kí ó ka gbogbo ẹni tó ní alẹ́jì kan tàbí òmíràn nínú fáìlì òní. Kò sí ẹnì kan.

Kò bá mi ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Ó ṣí fáìlì òní sí ẹ̀gbẹ́ èyí tó wá lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó sì ní kí n wo ìlà àkọ́kọ́ nínú méjèèjì, níbi tí wọ́n máa ń kọ orúkọ kọ́lọ̀mù kọ̀ọ̀kan sí. Nínú ti tẹ́lẹ̀, ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ “allergies”. Nínú tuntun, kò sí ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Èyí tó wà níbẹ̀ ń jẹ́ “intolerances”, ìyẹn àwọn ohun tí ara kò gbà. Àwọn tó ń fi fáìlì ránṣẹ́ ti pa orúkọ rẹ̀ dà, wọn kò sì sọ fún wa.

Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún mi báyìí. Orúkọ ni ètò wa fi ń wá kọ́lọ̀mù. Bí kò bá rí orúkọ oògùn tàbí ti aláìsàn, á dúró, á sì ké. Ṣùgbọ́n alẹ́jì kò sí lára àwọn tó jẹ́ dandan, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò ní in. Nígbà tí kò rí i, ó fi òfìfo dí àyè rẹ̀, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ. Kọ́lọ̀mù tuntun tí kò mọ̀ rí, ó fojú fò ó. Fáìlì pé, èèyàn pé, àsìkò pé. Ìkìlọ̀ tó yẹ kó yọ sí apòògùn pé oògùn yìí kò gbọdọ̀ kan ẹni yìí, kò rí ohun tí yóò fi yọ. Lójú ètò wa, “a kò gbọ́” àti “kò sí”, ọ̀kan náà ni.

A lọ bá ọ̀gá wa, apòògùn àgbà, obìnrin aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà tí kì í pariwo. Ó gbọ́ ọ tán, ó sì ní kí àwọn awakọ̀ já gbogbo ẹrù tó wà nínú ọkọ̀ sílẹ̀. Ó bi ọkùnrin náà bóyá kò kàn lè sọ fún ètò pé orúkọ tuntun ni kó máa wá. Ọkùnrin náà ní òun lè ṣe é, ṣùgbọ́n orúkọ tó jọra kò sọ pé ohun inú rẹ̀ kò yí padà. Ó kọ́kọ́ mú àwọn aláìsàn tó wà nínú fáìlì méjèèjì, ó fi ohun tí ti tẹ́lẹ̀ sọ nípa wọn wé ohun tí tuntun sọ, ó sì pe àwọn tó ń fi fáìlì ránṣẹ́ títí ẹnì kan fi gbà pé bẹ́ẹ̀ ló rí. Ìgbà náà ló tó tún gbogbo fáìlì gbà wọlé láti ọjọ́ tí orúkọ ti yí padà, tó sì ní kí ẹ̀rọ sọ ẹni tó gba ohun tí kò yẹ kó gbà.

Wọn kò pọ̀. Ọ̀gá ń pè wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan kò tíì ṣí oògùn náà rárá. Ó ku ìyá àgbà kan ní Redan, tí wọ́n kọ oògùn sulfa fún nítorí àrùn ilé ìtọ̀. Fáìlì sọ pé sulfa kò bá a lára mu. Nígbà tí ọ̀gá pè é tó sì bi í ní Gẹ̀ẹ́sì bóyá ó ní alẹ́jì, ìyá náà ní òun kò ní nǹkan kan, ẹ̀jẹ̀ Jésù ti bo òun. Ọ̀gá wò wá. Ó ní nígbà mìíràn, fáìlì ló máa ń ṣe àṣìṣe, pé aláìsàn ló mọ ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó rí i pé orúkọ Yorùbá ni ìyá náà ń jẹ́, ó sì na fóònù sí mi.

Mo kí i. Ó dáhùn, ṣùgbọ́n ohùn rẹ̀ le.

“Mo ti sọ fún ìyẹn pé n kò ní àìsàn. Ẹ má fi ẹnu yín pe ohun tí n kò pè fún ara mi.”

Mo mọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Ṣọ́ọ̀ṣì tèmi náà kún fún àwọn tí kò ní jẹ́wọ́ ẹ̀fọ́rí. Mo rọra sọ pé, “Mà, kì í ṣe àìsàn ni mo ń béèrè. Oògùn wo ló ti bá yín jà rí?”

Ohùn rẹ̀ rọ̀.

“Ṣé ohun tí ẹ fẹ́ mọ̀ nìyẹn? Kí ló dé tí ìyẹn kò béèrè bẹ́ẹ̀? Oògùn ibà kan ni, nígbà tí mo wà nílé. Ẹnu mi lé ròrò nínú, awọ ara mi sì ń bó. Wọ́n ní sulfa ló wà nínú rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe àìsàn tèmi, oògùn burúkú ni.”

Mo bi í bóyá ó ti lo èyí tí a gbé wá. Ó ní òun lo ọ̀kan lálẹ́ àná, òun sì lo ọ̀kan láàárọ̀. Mo bi í nípa ẹnu rẹ̀. Ó ní ó kàn ń ta òun díẹ̀, pé ata ló fà á.

Mo sọ ọ́ fún ọ̀gá ní Gẹ̀ẹ́sì bí ó ti sọ ọ́ gan-an. Ọ̀gá ní kí ìyá náà má lo òmíràn mọ́, kí ó sì lọ sí ilé ìwòsàn nísinsìnyí, kì í ṣe lọ́la. Ìyá náà kọ́kọ́ kọ̀. Ó ní ọmọ òun obìnrin tó ń gbé ní Loganville ló máa ń gbé òun jáde, pé ó wà lẹ́nu iṣẹ́, òun kò fẹ́ yọ ọ́ lẹ́nu. Mo ní kí ó fún mi ní nọ́ńbà ọmọ náà. Mo pè é lójú ẹsẹ̀. Nọ́ọ̀sì ni ọmọ náà, n kò sì ní láti ṣàlàyé púpọ̀. Òun ló sọ fún dókítà ìyá rẹ̀ nípa sulfa níjọ́sí, ibẹ̀ ni fáìlì ti mọ̀; dókítà mìíràn ló kọ oògùn yìí.

Wọ́n dá ìyá náà dúró ní ilé ìwòsàn. Ẹnu rẹ̀ lé, ara rẹ̀ sì yọ pupa láyà. Wọ́n ní àwọn kò lè sọ bóyá ibẹ̀ ni yóò mọ, àfi kí àwọn máa ṣọ́ ọ. Ọmọ rẹ̀ máa ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí mi, kúkurú. “Kò tíì bó.” “Ó jẹ ẹ̀kọ.” N kò sọ fún ẹnikẹ́ni nílé. Mo ń lọ síbi iṣẹ́, mo ń padà.

Níbi iṣẹ́, ọkùnrin náà kọ́ ẹnubodè sí iwájú ètò wa. Kí fáìlì tó wọlé, ẹ̀rọ á fi orúkọ kọ́lọ̀mù inú rẹ̀ wé èyí tí a ti bá àwọn tó ń fi í ránṣẹ́ fẹnu kò sí. Bí ọ̀kan bá sọnù, kò sí èyí tó máa wọlé. Bí ọ̀kan tí a kò mọ̀ bá yọ, á sọ fún wa. Ó ní ìyẹn nìkan kò tó, nítorí orúkọ lè wà níbẹ̀ kí inú rẹ̀ ṣófo. Nítorí náà ẹ̀rọ tún ń wo bí òfìfo ṣe pọ̀ tó nínú kọ́lọ̀mù kọ̀ọ̀kan, bí ó bá sì ju bó ṣe máa ń rí lọ púpọ̀, á dúró. Ọ̀gá fi tirẹ̀ kún un: òfìfo kì í ṣe “kò ní” mọ́. Ẹni tí fáìlì kò bá sọ nǹkan kan nípa rẹ̀, èèyàn ló máa pè é. Ó ní kí n kọ bí a ó ṣe máa bi àwọn ìyá àti bàbá wa ní ìbéèrè yìí sílẹ̀.

Ẹnubodè náà dí wa lọ́wọ́ láàárọ̀ ọjọ́ kan nítorí kọ́lọ̀mù fóònù kejì tí wọ́n fi kún fáìlì, tí kò lè pa ẹnikẹ́ni lára. Inú àwọn awakọ̀ kò dùn. Ọkùnrin náà wá dúró lẹ́bàá mi.

“Aunty, mo ti kọ́ ìbẹ̀rù yín sínú kọ̀ǹpútà. Wọ́n ti ń bú wa.”

Mo ní kí wọ́n máa bú wa.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni ọmọ ìyá náà pè. N kò fẹ́ gbé e, nítorí ọ̀rọ̀ kúkurú ló máa ń kọ tẹ́lẹ̀. Ó ní awọ ara kò bó, ẹnu ti jinná, dókítà sì ti ní kí àwọn máa lọ sílé, pé ewu rẹ̀ ti kọjá. Mo ní mo dúpẹ́. Ìyá gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní oògùn mìíràn tí a gbé wá fún ilé ìtọ̀ ti dé, òun kò tíì ṣí i.

“Ka orúkọ rẹ̀ fún mi. Ṣé sulfa wà nínú rẹ̀?”

Mo ṣí orúkọ rẹ̀ lójú ẹ̀rọ, mo pe ọ̀gá wá, àwa méjèèjì sì kà á. Mo ní kò sí, mà. Ó ní kí n tún un kà, mo sì tún un kà. Nígbà náà ló ní ó dára, òun á lò ó. Ọ̀gá na ọwọ́ kọjá èjìká mi, ó sì fi àmì sí i lójú ẹ̀rọ pé ọ̀rọ̀ ìyá náà ti parí. Òun ló kẹ́yìn nínú àwọn aláìsàn tí a kò tíì parí ọ̀rọ̀ wọn.